Ìwé máàkì tí mo rà fún ìdíje ẹ̀bùn àbínibí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Iléṣà

Ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kan nítòsí Ọjà Àtàkúnmọ́sà ni mo ti ra ìdì ìwé máàkì yìí, ₦8,000 fún ewé 200. Adájọ́ 5 la ní. Ọmọ 31 ló wá fún ìdánwò àkọ́kọ́, a mú 8 lọ sí àṣekágbá, ìdì kan sì tó wa lò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ọmọ kan ló ni ewé kan, kábọ̀n sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni a ti ń gba ewé òkè lọ́wọ́ adájọ́, kò ní lè padà sídìí máàkì yẹn mọ́ tó bá rí ẹlòmíràn. Ẹ̀dà ti ìsàlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí àríyànjiyàn bá dé.

Àléébù rẹ̀ ni pé wọn ò kọ iye máàkì sínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn wa ni 40 fún ìmọ̀ iṣẹ́, 20 fún ìgboyà, 20 fún àrà tuntun, 20 fún ìmúra àti lílo àkókò. Ọmọ àkọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ tán, adájọ́ mẹ́rin fún un ní 74 sí 81, ẹ̀karùn-ún fún un ní 33. Àṣé 10 ni bọ̀dá fi ń ka gbogbo àpótí! A dá ètò dúró, a fi bírò kọ /40 àti /20 sí gbogbo ewé, a ní kí wọ́n tún ti ọmọ náà fún.

Èyí tó burú jù wà nísàlẹ̀ ewé: “Bí méjì bá ta ọ̀mì, kí alága adájọ́ yan ẹnì kan.” A ti fa ilà lé e ṣáájú ọjọ́ àṣekágbá. A ka òfin tiwa létí àwọn òbí kí ẹnikẹ́ni tó gun pèpéle: ẹni tí adájọ́ púpọ̀ jù fi ṣíwájú ló borí. Nítorí pé adájọ́ kan lè fún àwọn méjèèjì ní iye kan náà, bí ìyẹn náà bá dọ́gba, a ó wo àpapọ̀ ìmọ̀ iṣẹ́. Bó bá tún dọ́gba, wọn ó pín ẹ̀bùn.

Ọ̀mì náà sì dé. Ọmọkùnrin tó lu dùndún gba 80, 78, 84, 82, 88. Ọmọbìnrin tó kọrin gba 85, 83, 86, 84, 74. 412 ni ti àwọn méjèèjì. Adájọ́ mẹ́rin ló fi ọmọbìnrin ṣíwájú, ẹnì kan ṣoṣo ló fi ọmọkùnrin ṣíwájú, àlàfo 14 tí ẹni yẹn fi sí i ló sì mú àpapọ̀ dọ́gba. Alága ni ẹni yẹn, onílù ni alága náà fúnra wọn. Ká ní a tẹ̀lé ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé, ohùn ẹnì kan ì bá borí ti mẹ́rin. Ìyá ọmọkùnrin náà wá sídìí tábìlì, mo tẹ́ ewé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú wọn, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ó yé àwọn.

Màá tún rà á. Mo ti padà lọ bá atẹ̀wé, ó gbà láti tẹ iye máàkì sínú àpótí, ó sì ní òun á fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kí oníkálukú kọ òfin ọ̀mì tirẹ̀ síbẹ̀.