Shíìtì Excel Ìsọ̀ Pròfísọ̀n: Ṣé Kí Ẹ Rà Á ni àbí Kí Ẹ Ṣe É Fúnra Yín?

Ẹni tó bá ní ìsọ̀ pròfísọ̀n á ti rí ìpolówó náà lórí Wásáàpù: shíìtì Excel tó ń ṣírò èrè lójoojúmọ́, aláwọ̀ mèremère, ẹ fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan kí ẹ ṣe tiyín. Mo ti gbìyànjú méjèèjì fún ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Ìbàdàn. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe àwọ̀ ló yẹ kí ẹ wò. Ìdánwò méjì péré ló tó láti mọ èyí tó ń sọ òótọ́.

Ìdánwò àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí ẹ lọ ra ọjà. Ká ní ẹ ra páálí Indómì márùn-ún lọ́jọ́ Ajé, páálí kan ₦10,000, gbogbo rẹ̀ ₦50,000. Ogójì ni ó wà nínú páálí, nítorí náà ẹyọ kan wá jẹ́ ₦250, ẹ sì ń tà á ní ₦300. Lọ́jọ́ náà ẹ ta ọgbọ̀n, owó ọkọ̀ jẹ́ ₦700. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ẹ ta ogójì, ẹ ra epo jẹnẹrétọ̀ ₦500, ẹ ò ra ọjà kankan. Ẹ wo ohun tí shíìtì méjèèjì sọ:

| | Èyí tí mo rà | Èyí tí mo ṣe |
|---|---|---|
| Ajé | àdánù ₦41,700 | èrè ₦800 |
| Ìṣẹ́gun | èrè ₦11,500 | èrè ₦1,500 |

Èyí tí mo rà kàn mú owó tó wọlé, ó yọ gbogbo owó tó jáde kúrò. Ìyẹn kì í ṣe èrè, iye tó kù nínú dúrọ́ọ̀ ni. Ọjọ́ Ajé kò pani lára tó bẹ́ẹ̀, nítorí ojú gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ọjà wà ní ṣẹ́ẹ̀fù. Ìṣẹ́gun gan-an ló burú. Nínú ₦11,500 tí shíìtì pè ní èrè, ₦10,000 jẹ́ ojú owó, owó tí ẹ máa fi ra páálí mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi fi irú "èrè" bẹ́ẹ̀ dá èsúsú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ó wá ń yà á lẹ́nu pé ọjà ń dín kù nínú ìsọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tẹ àwọn iye tí mo kọ sókè yìí síbẹ̀ níṣojú yín, kó ya fọ́tò ohun tó bá jáde. Bí kò bá sí ibi tí wọ́n ń kọ iye tí ẹ ra ẹyọ ọjà kan sí, ẹ má wulẹ̀ dúró gbọ́ ìyókù.

Ìdánwò kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun sì ni àwọn shíìtì tó dà bíi pé wọ́n gbọ́n máa ń kùnà. Irú wọn ní ojú-ewé kan tí ẹ máa ń to orúkọ ọjà àti iye tí ẹ rà á sí, wọ́n á fi `VLOOKUP` máa fa iye náà jáde nígbàkúùgbà tí ẹ bá tẹ orúkọ ọjà. Ó dùn ún lò, títí tí ọjà á fi gbówó lórí. Ká ní lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, páálí di ₦12,000, ẹyọ kan di ₦300. Ẹ lọ yí iye náà padà lójú-ewé yẹn. Lójú ẹsẹ̀, èrè ọjọ́ Ajé tó ti kọjá tó jẹ́ ₦800 á di àdánù ₦700, ti Ìṣẹ́gun á di àdánù ₦500, nítorí pé fọ́múlà ń ka iye tuntun fún ọjà tí ẹ ti tà tán. Kò sí ohun tó máa pupa, kò sí àṣìṣe tó máa fara hàn. Bí ẹ ò bá kọ ti tẹ́lẹ̀ síbì kan, ẹ ò lè mọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi yọ ojú-ewé iye ọjà kúrò nínú tiwa pátápátá. Ojú-ewé mẹ́ta ló kù: `Tita`, `Inawo` àti `Iroyin`. Nínú `Tita`, òpó A jẹ́ ọjọ́, B orúkọ ọjà, C iye ẹyọ, D iye tí a tà á, E iye tí a rà á, tí a fọwọ́ tẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Iye tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ kì í yí padà lẹ́yìn yín. F jẹ́ owó títà, G jẹ́ èrè:

```
F2: =C2*D2
G2: =C2*(D2-E2)
```

`Inawo` ní ọjọ́, ohun tí a ná owó sí àti iye rẹ̀. Owó ọkọ̀, epo, lẹ́dà àti owó ọmọ iṣẹ́ ni à ń kọ síbẹ̀. Owó tí a fi ra ọjà kò gbọdọ̀ débẹ̀, nítorí òpó E ti gbà á. Lẹ́yìn náà, `Iroyin`, níbi tí ọjọ́ wà ní A:

```
B2: =SUMIFS(Tita!F:F,Tita!A:A,A2)
C2: =SUMIFS(Tita!G:G,Tita!A:A,A2)
D2: =SUMIFS(Inawo!C:C,Inawo!A:A,A2)
E2: =C2-D2
```

E2 ni èrè ọjọ́ náà. Ó tán.

Ẹnikẹ́ni kò lè máa tẹ gbogbo súwíìtì tí ọmọdé bá rà. Tiwa ni pé bí a bá fẹ́ tìlẹ̀kùn, a ka ohun tó kù nínú nǹkan bí ogún ọjà tó ń yá jù, a yọ ọ́ kúrò nínú iye tó wà láàárọ̀ pẹ̀lú èyí tí a rà kún un lọ́jọ́ náà, ìlà kan fún ọjà kan. Bí iye tó wà ní B2 bá ju owó inú dúrọ́ọ̀ lọ lẹ́yìn tí a ti ro ìnáwó, ìsanwó lórí fóònù àti ọjà tuntun tí a fi owó ibẹ̀ rà, àwìn ni, tàbí bísíkíìtì tí àwa fúnra wa jẹ.

Bí `Iroyin` bá gbé 0 jáde lọ́jọ́ tí ẹ mọ̀ pé ẹ tajà, ẹ wo ọjọ́ tí ẹ tẹ̀. Fóònù tó bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà á ka 3/7 sí ọjọ́ keje oṣù kẹta. Ẹ máa tẹ `3 Jul 2025`, kò ní ṣì í mú. Ẹ má sì kọ "300 naira" sínú àpótí owó. Ọ̀rọ̀ ni Excel máa kà á sí, á sún mọ́ apá òsì, fọ́múlà tó fẹ́ fi ṣe ìsọdipúpọ̀ á sì gbé `#VALUE!` jáde.

Ní ti owó, tiwa kò ná wa ní kọ́bọ̀ yàtọ̀ sí dátà. Excel orí fóònù àti èyí tí à ń ṣí lórí ìntánẹ́ẹ̀tì kì í gba owó fún irú iṣẹ́ yìí bí ẹ bá ti ní àkáǹtì Microsoft. Lọ́wọ́ kejì, bí orúkọ fáìlì tí wọ́n ń tà bá parí sí `.xlsm`, bọ́tìnì inú rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ń lò nínú ìsọ̀. Bí wọ́n bá lo `XLOOKUP`, Excel 2016 tàbí 2019 tó wà lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ á máa gbé `#NAME?` jáde.

Ibì kan wà tí màá ti ní kí ẹ rà á: bí ọjà yín bá tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan, tí ẹ sì fẹ́ kó máa sọ èyí tó fẹ́ tán. Fífọwọ́ tẹ iye tí ẹ rà á lójoojúmọ́ á sú yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìdánwò kejì níṣojú ẹni tó ń tà á: kó yí iye ọjà kan padà, kí ẹ jọ wo èrè àná. Èyí tí èmi bi ní ìbéèrè yẹn ní kí n kọ́kọ́ sanwó ná.