Owó arúgbó Gúúsù Áfíríkà: ọgọ́fà ráńdì tó ń sọnù lọ́wọ́ ìyá ìyàwó mi

Ọgọ́fà ráńdì ló dín nínú owó Màmá lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí rẹ̀ sọ ọmọ ọlọ́mọ di olè níwájú èrò. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ ló gbé mi dé Gúúsù Áfíríkà, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ ìyàwó mi, ọmọ Kọ́sà láti ìgbèríko Eastern Cape. Ìyá rẹ̀ ni mò ń pè ní Màmá, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ní orílẹ̀-èdè yìí, àgbàlagbà tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún, tí kò sì rí jájẹ, ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba lóṣooṣù, ì báà jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ oṣù rí, kódà bí kò bá dá kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì. SASSA ni orúkọ àjọ tó ń bójú tó o. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, owó náà di 2,315 ráńdì. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin ń gba ogún ráńdì lé e, nítorí náà 2,335 ló yẹ kó bọ́ sí Màmá lọ́wọ́ nígbà náà.

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ló ń gbé owó wá bá wọn ní gbọ̀ngán abúlé. Wọ́n ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ibi ìsanwó wọ̀nyẹn dé. Ní báyìí, owó a wọlé sí àkáǹtì, arúgbó á sì mú káàdì lọ gbà á nídìí ẹ̀rọ ìsanwó tàbí lọ́wọ́ akáwó ní ilé ìtajà ńlá. Káàdì dúdú ti báńkì Postbank ni Màmá ń lò. Láti abúlé wọn dé ìlú kékeré tí ilé ìtajà wà, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni nínú ọkọ̀ akérò, ogójì ráńdì ní àlọ, ogójì ní àbọ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé ọgọ́rin ráńdì ti jáde kí ó tó ra ìyẹ̀fun àgbàdo kan.

Lóṣù kẹjọ ọdún náà, ilé ìtajà àkọ́kọ́ tí a yà sọ fún wa pé a ní láti kọ́kọ́ ra ọjà àádọ́ta ráńdì kí wọ́n tó lè ka owó fún wa. Irọ́ ni. Owó Màmá ni, kò sí òfin kan tó ní kó fi ọṣẹ ra owó ara rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jáde, a lọ sí òmíràn, a sì tò níbẹ̀ fún wákàtí méjì, nítorí ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ìsanwó oṣù, tàwọn arúgbó ni. Ọjọ́ kejì ni tàwọn aláàbọ̀ ara, ọjọ́ kẹta ni tàwọn ọmọdé. Gbogbo arúgbó agbègbè náà ló wà lórí ìlà, bẹ́ẹ̀ owó náà kì í sá kúrò nínú àkáǹtì bí wọn kò bá wá lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tí oúnjẹ ti tán nílé rẹ̀ láti ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n pé kó ní sùúrù di ọ̀túnla?

Nígbà tó kàn wá, Màmá tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ọmọbìnrin akáwó náà sì ka owó fún un. 2,215 ráńdì. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, iye kan náà. Mo gbé ohùn sókè, mo ní ọgọ́fà dà? Ọmọ náà kò bá mi jà. Ó fa ìwé rìsíìtì jáde, ó fi ìka tẹ ẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n kọ ohun tó kù sí, ó ní, "Bàbá, ohun tó wọlé fún Màmá nìyí, kò sí èyí tí mo mú níbẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Mo tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀, mo sì tún ń tọrọ rẹ̀ níbí.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí tí Màmá sọ nínú ọkọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni owó òun ti ń rí láti oṣù kẹrin. Iṣẹ́ gbé mi lọ sí Durban láàárín ìgbà yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ń bá a lọ gbowó, kò sì sí ẹni tó fura. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Kí oṣù kẹrin tó dé, 2,210 ni Màmá ń gbà. Ìjọba fi 125 kún un. Láàárín oṣù kan náà, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ 120. Lójú Màmá, ìjọba fi ráńdì márùn-ún kún owó òun, ó sì dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, a gba ọ́fíìsì SASSA lọ. Mo ti múra ìjà. Mo ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pàdé láti kékeré, mo mọ ojú tí wọ́n ń fi woni. Obìnrin tó dá wa lóhùn lé ní àádọ́ta ọdún, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, ó sì kọ́kọ́ dìde fún Màmá kó tó béèrè ohun tí a bá wá. Èdè Kọ́sà ló ń bá a sọ, ìyàwó mi ń túmọ̀ fún mi. Ó gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ ìwé kan jáde. Ìwé náà ló fi gbogbo rẹ̀ hàn: 2,335 lókè, 120 lábẹ́ rẹ̀ fún ìbánigbófò ìsìnkú, 2,215 nísàlẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé ohun tí n kò mọ̀. Láti orísun ni wọ́n ti ń yọ owó náà, kó tó dé báńkì. Ìdí nìyẹn tí ìwé báńkì kò fi lè fi hàn láé. Ẹ lè yẹ rìsíìtì wò títí ọjọ́ á fi rọ̀, ẹ kò ní rí olè kankan níbẹ̀, àfi bí ẹ bá mọ iye tó yẹ kó wọlé. Òfin gba kí wọ́n yọ ẹyọ owó ìsìnkú kan ṣoṣo báyìí, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà lọ, ẹni tó ni owó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó Màmá jẹ́ 233 ráńdì àti àbọ̀. 120 kò dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ kò rí ohun tó burú. Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí ló kù.

"Màmá, ẹ fọwọ́ sí nǹkan kan bí?"

Màmá ronú títí. Ó ní àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà lọ́jọ́ ìsanwó kan, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ káàdì àtijọ́ sí dúdú. Wọ́n ya káàdì ìdánimọ̀ òun ní fọ́tò, wọ́n ní kí òun fi ìka tẹ ara fóònù ńlá kan, wọ́n sì fún òun ní agboòrùn. Òun rò pé ọ̀rọ̀ káàdì tuntun ni.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní irú rẹ̀ kẹrin tí òun rí lọ́sẹ̀ náà nìyẹn. Ó kọ fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n dá yíyọ náà dúró, ó kà á sókè fún Màmá láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí Màmá tó fọwọ́ sí i, ó sì fún wa ní ẹ̀dà. Kò gba kọ́bọ̀. Lóṣù kẹsàn-án, 2,335 wọlé pérépéré. Ìbínú mi ti yọ́ tán kí a tó kúrò níbẹ̀.

Bí a ṣe jókòó, bàbá kan tó wà nídìí tábìlì kejì ń bẹ̀bẹ̀. Ẹnìkan ní abúlé ti sọ fún un pé kó má wulẹ̀ wá, pé ọmọ rẹ̀ jẹ́ tíṣà ní Johannesburg, ìjọba kò ní fún un lówó. Ọdún méjì ló fi jókòó sílé. Obìnrin wa yíjú sí i, ó ní, "Bàbá, a kì í ka owó ọmọ." Owó ẹni náà àti ti ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣírò. Wọ́n á wo ohun tó ń wọlé àti ohun ìní, ṣùgbọ́n ilé tí èèyàn ń gbé kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n á ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá, àti ìwé báńkì bó bá ní. Bí wọ́n bá gbà á wọlé, láti ọjọ́ tó kọ fọ́ọ̀mù ni wọ́n á ti ṣírò owó rẹ̀. Ọdún méjì tó fi jókòó sílé ni kò lè padà. Arúgbó tí kò bá lè dìde lè yan ẹni tí yóò máa gbà á fún un. N kò mọ ẹni tó tan bàbá náà jẹ, ṣùgbọ́n mo rí omi lójú rẹ̀.

Ìyá Màmá náà gba owó yìí nígbà tí wọ́n ń pe agbègbè wọn ní Transkei. Oṣù méjì-méjì ni wọ́n ń san án fún wọn nígbà náà, iye rẹ̀ kò sì tó ti òyìnbó. Òfin ọdún 1928 tó dá owó náà sílẹ̀ kò ka èèyàn dúdú mọ́ ọn rárá. Ọdún 1944 ni wọ́n tó fi wọ́n kún un, ọdún 1993 ni iye náà sì tó dọ́gba. Màmá máa ń sọ èyí wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ òjò àná.

Èmi náà ní ìyá tó bí ìyá mi ní Èkìtì. Nígbà tí ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ owó àgbà lọ́dún 2011, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lóṣù fún ẹni tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, ìyá àgbà wà lára wọn. Ó ń fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń fi ìyókù ra òróró. Ìjọba yí padà lọ́dún 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Títí ó fi kú ló ń bi mí lórí fóònù pé, "Ṣé wọn ò tíì pe orúkọ wa?" Ìjọba ti yí padà níbí náà láìmọye ìgbà, owó Màmá kò dúró, nítorí pé ó wà nínú òfin, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Bí mo bá rántí ìyá àgbà, n kì í lè fi gbogbo ẹnu bú àwọn tó ń san owó yìí.

Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ni mo bú. Oṣù márùn-ún, ẹgbẹ̀ta ráńdì. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mọkànlá. Wọ́n ní kí n fi lẹ́tà ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ohùn Màmá wà lọ́wọ́ àwọn níbi tó ti gbà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ọ, wọn kò tíì rí i títí di òní. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n dá 240 padà. 360 ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá ń gba owó yìí, ẹ lọ béèrè ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ jáde ní ọ́fíìsì náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé rìsíìtì.

Máàkì tí mo fún owó arúgbó yìí: márùn-ún nínú márùn-ún. Ìyàwó mi ní kí n fún un ní mẹ́ta, nítorí ìrìnàjò yẹn àti ìlà yẹn, n kò sì lè jà á níyàn.

Agboòrùn tí wọ́n fún Màmá ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí a gba owó oṣù kẹsàn-án, ìborùn ló dà borí, ó ní òun kò ní ṣí i.