Àfátà Image Trace àti àfátà Pen Tool: èwo ni kí ẹ sanwó fún?

Ẹni méjì ló ti sọ sẹ́lífì mi di àfátà kàtúùnù fún òwò aṣọ òkè tí mò ń ṣe, inú Illustrator, ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, sì làwọn méjèèjì ti ṣe é. Ẹni àkọ́kọ́ lo Image Trace, tó ń sọ fọ́tò di àwòrán fúnra rẹ̀, ó gba 6,000 náírà, ó sì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnì kejì fi Pen Tool fà á lọ́wọ́, ó gba 25,000 náírà, ó sì lo ọjọ́ mẹ́ta. Lójú fóònù, àwọn méjèèjì rẹwà. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń gé sitíkà ni mo ti mọ ohun tó yà wọ́n.

Ẹ̀rọ tó ń gé sitíkà kì í wo àwọ̀. Ìlà tó yí àwọ̀ ká ni ọ̀bẹ rẹ̀ ń tọ̀. Ọkùnrin náà ṣí fáìlì àkọ́kọ́, ó tẹ Ctrl+Y, àwọ̀ pòórá, ó wá ku ìlà nìkan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá wò ó." Iwájú orí mi rí bí ilẹ̀ tó sán nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó dán lójú mi nínú sẹ́lífì ti di ègé wẹ́wẹ́, ọ̀kan nínú èkejì. Ègé 1,140 ló wà nínú orí kan ṣoṣo. Ó ní òun ò lè gé e, torí ta ló máa jókòó ṣa èérún rẹ̀?

Image Trace ò mọ imú yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọ̀ tó bá jọra ló ń kó pọ̀. Tí wọ́n bá yan 16 Colors, àwọ̀ 16 yẹn ló máa pín fún gbogbo àwòrán, ohun yòówù tó wà níbẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, òjìji abẹ́ àgbọ̀n a sì máa wọnú irun, ọrùn á sọ nù.

Èyí tó dùn mí jù ni ti gèlè. Gèlè aláwọ̀ wáìnì ni mo wé nínú sẹ́lífì yẹn. Nígbà tí mo fẹ́ kó di àwọ̀ aró, a yan ègé gèlè kan, a sì lo Select > Same > Fill Color kó lè mú ìyókù. Ètè mi náà di aró, torí pé àwọ̀ kan náà ni ẹ̀rọ fún ètè àti gèlè. A dín in kù sí 6 Colors, a sì gbé Noise láti 25 lọ sí 100 kó lè fo ègé kéékèèké. Lóòótọ́ ègé dín kù, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ imú pa rẹ́, ojú kan sì lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú.

Ẹnì kejì gbé fọ́tò sórí léyà Template, ìyẹn ìpele abẹ́ tí wọ́n ń tọ̀ fàwòrán, ó tì í pa kó má bàa sún, ó sì jẹ́ kí ó hàn fírífírí. Láti ẹ̀yìn ló ti ń fà á bọ̀ wá síwájú: gèlè, ọrùn, ojú, etí, lẹ́yìn náà ẹyinjú, imú àti ètè. Àmì mẹ́jọ péré tí Pen Tool ń so pọ̀ di ìlà ló fi fa bí ojú mi ṣe rí. Òjìji jẹ́ ègé kan tó dì mọ́ inú ojú. Ó sọ àwọ̀ gèlè di Global, nítorí náà, nígbà tí mo yí i padà lẹ́ẹ̀kan nínú Swatches, gbogbo gèlè yí tẹ̀ lé e, ètè ò sì yí. Ègé 46 ni gbogbo rẹ̀.

Ní ti ìyára, Image Trace ló borí. Ní ti owó náà, òun ni. Ní ti jíjọ ara ẹni, sẹ́lífì tí a sún mọ́ jù máa ń mú kí imú tóbi, Image Trace á sì gbé e bẹ́ẹ̀; ẹni tó ń fọwọ́ fà á lè tún un ṣe, ẹnì kejì tó ṣe tèmi sì ní kí n lọ ya sẹ́lífì òmíràn láti bíi mítà kan ààbọ̀.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ní kí wọ́n fi fáìlì SVG, irú èyí tó ń tọ́jú ìlà àwòrán, ránṣẹ́. Ẹ ṣí i nínú Inkscape, ètò ìyàwòrán bíi Illustrator, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ lọ sí View > Display Mode > Outline. Tó bá jẹ́ àpótí onígun mẹ́rin kan ṣoṣo lẹ rí, fọ́tò lásán ni wọ́n kì sínú rẹ̀. Tó bá rí bí ilẹ̀ tó sán, ẹ̀rọ ló ṣe é. Tí ẹ bá lè fi ìka tọ́ka sí imú, etí àti ètè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni kan ló fà á.

Tó bá jẹ́ pé orí WhatsApp nìkan lẹ fẹ́ lò ó, Image Trace á ṣe é. Ìbuwọ́lùwé tàbí lógò dúdú lórí funfun náà, ẹ gbé e fún un, ó mọ ìyẹn ṣe dáadáa. Àmọ́ ojú ẹni tó máa dé ara sitíkà, báàgì àti pátákó ọjà, tí gèlè rẹ̀ sì máa ń yí àwọ̀, 6,000 tí mo kọ́kọ́ san fún un ò bá mi dé ibì kankan.