Kí ẹ tó sanwó áàpù orin: ìdọ́gba ìró, ikuoláísà àti ohùn ayíká

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Òkè-Fíà, nílùú Òṣogbo, láti fi Spotify wé Apple Music sábà máa ń sọ pé orin mọ́ nínú ọ̀kan ju èkejì lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan kàn ń dún sókè ju èkejì ni. Etí ọmọ ènìyàn a máa ka èyí tó dún sókè díẹ̀ sí èyí tó dùn jù. Ìdí nìyí tí ìfiwéra fi gbọ́dọ̀ ti ibi ìdọ́gba ìró bẹ̀rẹ̀.

Ìdọ́gba ìró máa ń wọn orin kọ̀ọ̀kan, á sì gbé e sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó lè bá àwọn yòókù mu. Kì í fi báàsì kún orin. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni LUFS; bí nọ́ńbà bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni orin ṣe ń dún sókè tó. Spotify ń lo -14 bó bá wà ní `Normal`, Apple Music sì ń lo nǹkan bí -16 bí `Sound Check`, ìyẹn ìdọ́gba ìró tirẹ̀, bá wà ní títàn. Ká mú orin fújì kan tí wọ́n gbé dé -8 ní situdíò: Spotify yóò fi dẹ́síbẹ̀lì 6 rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Apple Music tí `Sound Check` rẹ̀ wà ní pípa yóò gbé e jáde bó ṣe wà, oníbàárà á sì gbà pé Apple ló dára jù. Ẹ tan `Sound Check`, ẹjọ́ á yí padà, torí Spotify ni yóò wá fi nǹkan bí dẹ́síbẹ̀lì 2 lékè. Ẹ fi bọ́tìnnì fóònù mú méjèèjì dọ́gba kí ẹ tó dájọ́.

Ikuoláísà ní tirẹ̀ ń yí àwọ̀ orin padà, torí ó ń gbé báàsì tàbí ohùn tín-ín-rín sókè tàbí sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá yan `Bass Booster`, gìtá báàsì á wú, ó sì lè bo ohùn ìyáàlù mọ́lẹ̀ débi pé ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Bí báàsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha bíi spíkà tó ya, àyè ti tán fún ìró nìyẹn; ó sàn kí ẹ rẹ àwọn yòókù sílẹ̀ ju kí ẹ gbé báàsì sókè. Áàpù méjèèjì ló ní in, nítorí náà kò yẹ kó pinnu ohun tí ẹ máa rà.

Ohùn ayíká nìkan ló nílò ẹ̀dà orin mìíràn, èyí tí wọ́n tún pò ní Dolby Atmos kí ohùn lè dà bí ẹni pé ó ń ti ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti òkè wá. Apple Music ti ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ohùn ayíká láti oṣù kẹfà ọdún 2021 láìgba owó kún un. Spotify kò ní in. Ẹ̀dà wọ̀nyí kì í kọjá -18 LUFS, nítorí náà wọ́n sábà máa ń rọlẹ̀ ju ẹ̀dà lásán lọ. Ẹ má torí ìyẹn sọ pé kò dára. Àwọn àwo àpàlà àtijọ́ tí akọrin àti onílù jọ kọ sínú makirofóònù kan ṣoṣo ṣòro láti tún pín ohùn wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ báyìí, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn lè má ní ẹ̀dà yìí. Ẹ ṣí orin mẹ́wàá tí ẹ ń gbọ́ jù nínú Apple Music. Bí àmì `Dolby Atmos` kò bá hàn lára ju ọ̀kan tàbí méjì lọ, ẹ má tìtorí ohùn ayíká san kọ́bọ̀.