Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀rọ adáhùn onípele ààbò mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù òògùn wa ní Sùúrùlérè

Apòògùn ni mí. Ṣọ́ọ̀bù wa wà ní Sùúrùlérè, kò jìnnà sí Ojúẹlẹ́gba. Láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni a ti ń lo ẹ̀rọ kan tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí Wásáàpù nígbà tí ọwọ́ wa bá dí tàbí tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fún wa. Ohun tó jẹ mí lógún ni bí wọ́n ṣe to ààbò rẹ̀ léra wọn, torí pé irú ètò bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mìíràn máa gbé wá bá yín.

Ipele mẹ́ta ni. Èkíní ni asẹ́ ẹnu ọ̀nà: ó ń ka ohun tí oníbàárà kọ kí ẹ̀rọ tó rí i, bó bá sì fura sí i pé ọ̀rọ̀ ipá, èébú tàbí ẹ̀tàn ni, á dá a padà. Èkejì ni ìwé ìlànà, tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní sísítẹ́ẹ̀mù pírọ́ǹpùtù. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ni, ẹ̀rọ sì ń kà á ṣáájú gbogbo ìjíròrò: iṣẹ́ tá a gbé lé e lọ́wọ́, ohun tó lè sọ, ohun tí kò gbọdọ̀ sọ. Ẹ̀kẹta ni ayẹ̀wò àbájáde, tó ń ka ìdáhùn lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kọ ọ́ tán, kó tó dé ọwọ́ ẹni tó béèrè. Ọmọkùnrin tó wá fi í sí i fún wa sọ pé bí ọ̀kan bá gbàgbé, àwọn méjì yòókù á rántí. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ìyẹn máa ń rí bẹ́ẹ̀ bí ohun tí wọ́n ń ṣọ́ bá yàtọ̀ síra. Bí gbogbo wọn bá ń wá ohun kan náà, ohun kan náà ni gbogbo wọn máa gbójú fò.

Asẹ́ ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ dójú tì wá. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá ọmọ kan láti Ìtirè kọ̀wé pé: "E kaaro ma, otutu n pa omo mi lati ana, oogun wo ni mo le lo?" Kò fi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Èsì tó rí gbà ni pé a ò lè ràn án lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, kó pe 112. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Àǹtí, ṣé mo sọ fún yín pé mo fẹ́ pa ọmọ mi ni?" Ojú tì mí gan-an. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì tọ́jú ọmọ náà.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ hàn mí, ohun méjì la bá níbẹ̀. Àkọ́kọ́, asẹ́ náà ń túmọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì kó tó dájọ́. Òtútù ń pa ọmọ, ebi ń pa ọmọ: a ò ronú ikú rárá bá a bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tú u lọ́rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan, ìpànìyàn ló máa dà létí ẹ̀rọ. Èkejì tún ya mí lẹ́nu jù. Wọ́n ní àtòjọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà léèwọ̀, "ogun" sì wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ogun ń jà. Asẹ́ ń wá lẹ́tà mẹ́rin yẹn níbikíbi tó bá wà, wọ́n sì wà nínú "oogun" wẹ́rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù òògùn ni wá! Ẹni tó bá sọ pé ìpínlẹ̀ Ògùn lòun ti ń kọ̀wé, tàbí tó béèrè oògùn ogún náírà, ẹ̀rọ náà á fura sí i.

Wọ́n gbìyànjú láti fi àmì ohùn yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyẹn náà kò ṣiṣẹ́. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà "ẹ": ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ "e" tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ lé lẹ́yìn. Ojú wa ò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ méjì ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó wà nínú àtòjọ kì í bá èyí tó ti fóònù wá mu. Ohun tó tún un ṣe ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ oníbàárà àti ti àtòjọ, kí wọ́n wá fi odindi ọ̀rọ̀ wé odindi ọ̀rọ̀:

```python
import unicodedata

def bo_ami(s):
    s = unicodedata.normalize("NFD", s.lower())
    return "".join(c for c in s
                   if unicodedata.category(c) != "Mn")
```

Lẹ́yìn èyí, mo ní kí wọ́n yọ "ogun" kúrò pátápátá. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wà láìlámì, kò sí asẹ́ tó lè mọ èwo lèwo, mi ò sì rí ẹni tó ń wá bẹ̀rẹ̀ ogun ní ṣọ́ọ̀bù òògùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín pé èdè wo ni wọ́n fi kọ́ aṣọ́nà rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni Llama Guard 3 tí Meta gbé jáde ní 2024: èdè 8 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ fún, Yorùbá kò sí nínú wọn.

Ṣùgbọ́n bí asẹ́ bá dá ènìyàn rere padà, ó kéré tán yóò wá bá wa jà. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni èyí tó kọjá láìsí ariwo.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bàbá ọmọ kan kọ̀wé pé ara ọmọ òun gbóná. Ọmọ náà wọn kílò 8. Nínú ìwé ìlànà wa, a ti kọ ọ́ pé kí ẹ̀rọ má sọ ìwọ̀n òògùn fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, kó darí òbí sí apòògùn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Bàbá náà wá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ: ṣé kí òun fi omi nu ọmọ lára, ṣé kó máa mu ọmú. Nígbà tó di ìgbà kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó ní nọ́ọ̀sì ni ìyàwó òun, ó kàn gbàgbé ìwọ̀n parasitamọ́ọ̀lù ni. Ẹ̀rọ wá dáhùn pé: "Ẹ lè fún un ní ṣíbí kékeré kan, lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́."

Ẹ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe kùnà. Asẹ́ ẹnu ọ̀nà kò rí nǹkan kan, kò sì jẹ̀bi, torí ìbéèrè bàbá tó ń ṣàníyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú. Ìwé ìlànà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán ni láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Bí ìjíròrò bá ṣe ń gùn, tí ẹni tó ń béèrè sì ní ìdí tó bọ́gbọ́n mu, ẹ̀rọ lè gbà pé ti ẹni yìí yàtọ̀. Ayẹ̀wò àbájáde ní apá méjì. Apá kan ń wá èébú, ipá àti ìṣekúṣe, kò sì sí ìkankan nínú gbólóhùn yẹn. Apá kejì ni èyí tí èmi fúnra mi ní kí wọ́n fi sí i: kó dá ìdáhùn tó bá ní nọ́ńbà àti "ml" tàbí "mg" dúró. "Ṣíbí kékeré kan" kò ní nọ́ńbà, kò ní "ml". Ó kọjá.

Bóyá ẹ máa béèrè ohun tó burú nínú ìdáhùn náà. Ìwọ̀n parasitamọ́ọ̀lù fún ọmọdé jẹ́ miligíráàmù 10 sí 15 fún kílò kan lẹ́ẹ̀kan, a kì í sì í kọjá ẹ̀ẹ̀mẹrin ní wákàtí 24. Ọmọ kílò 8 á gba 80 sí 120. Bó bá jẹ́ sírọ́ọ̀pù tó ní 120 nínú mílílítà 5, ṣíbí kékeré kan bá a mu. Ṣùgbọ́n dírọ́ọ̀pù wà, ìgò kékeré tí a ń kán sí ìkókó lẹ́nu, tó ní 100 nínú mílílítà kan ṣoṣo. Ṣíbí kékeré kan nínú ìyẹn jẹ́ 500. Mo rí ìjíròrò náà lórí fóònù mi kí n tó sùn, mo pe nọ́ńbà náà lójú ẹsẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fún un o! Ẹ ka ohun tó wà lára ìgò fún mi." Dírọ́ọ̀pù ni. Ó ti dà á sínú ṣíbí.

Ohun méjì la yí padà lọ́jọ́ kejì. Ayẹ̀wò àbájáde kò wá nọ́ńbà nìkan mọ́. Bí ìdáhùn bá dárúkọ òògùn, tí "ṣíbí", "lójúmọ́", "ìlàjì", "hóró" tàbí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n mìíràn sì wà nínú rẹ̀, á dúró. Oníbàárà á rí i pé apòògùn máa pè é, fóònù mi á sì dún. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń dúró ló tọ̀nà, ìka kan ni mo fi ń tú wọn sílẹ̀. Ó ń gba àkókò mi, mo sì fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, a tún ìwé ìlànà kọ. Dípò kó jẹ́ "má sọ ìwọ̀n" nìkan, a ní kó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí, ìwọ̀n kílò àti fọ́tò ara ìgò. Ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé ohun tí a ní kó ṣe dáadáa ju ohun tí a ní kó má ṣe lọ, nígbà tí mo bá sì fi máa dé ibẹ̀, gbogbo ohun tí mo nílò ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀sùn kan ṣì wà tí mo ní sí ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí i nínú àkọsílẹ̀ pé ibi tí wọ́n ń kọ ìdájọ́ ayẹ̀wò sí ṣófo fún bí ogójì ìṣẹ́jú, síbẹ̀ àwọn ìdáhùn ń lọ. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ pé bí aṣọ́nà kò bá fèsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3, kí ọ̀rọ̀ máa lọ. Wọn ò sọ fún wa. Mo ní kí wọ́n yí i padà fún àbájáde: bí aṣọ́nà bá dákẹ́, kí ìdáhùn dúró. Ti ẹnu ọ̀nà, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, torí àwọn méjì mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ìyá ọmọ máa bá ilẹ̀kùn títì sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ sì máa wo àkọsílẹ̀ yín fún ààyè tó bá ṣófo.

Mo ṣì ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Ìdádúró tí ayẹ̀wò náà ń fà kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta lọ, kò sí ẹni tó tíì ráhùn. Kí n tó gbà kí wọ́n yí ohunkóhun padà báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi ọgọ́ta ìbéèrè gidi tí àwọn oníbàárà ti kọ rí, tí a ti yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀, dán an wò. "Otutu n pa omo mi" ló wà lókè pátápátá. Fóìsì nóòtù nìkan ni mi ò tíì gbà fún un. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kíkọ kí àwọn aṣọ́nà tó lè kà á, ibẹ̀ sì ni "dírọ́ọ̀pù" ti di nǹkan mìíràn lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí a dán an wò. Gbogbo fóìsì nóòtù ń wá tààrà sórí fóònù mi.