Òpó méjì lórí sitetimẹ́ǹtì báǹkì: ohun tí mo rí láàárín oṣù mẹ́jọ

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ wa, èmi ni mo sì máa ń jókòó ti sitetimẹ́ǹtì báǹkì ní ìparí oṣù. Tẹ́lẹ̀, òpó kan ṣoṣo ni báǹkì wa ń kọ gbogbo owó sí. Èyí tó wọlé kò ní àmì, èyí tó jáde sì ní àmì ìyọkúrò níwájú. Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n ti pín òpó náà sí méjì: `Debit` fún owó tó jáde, `Credit` fún owó tó wọlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ó ku ibì kan tí wọn kò tíì tún ṣe.

Ẹ wo ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ òpó kan yẹn. Lóṣù kan, 50,000 la fi bẹ̀rẹ̀. 20,000 àti 8,000 wọlé. 12,500, 750 àti 15,000 jáde. 49,750 ló yẹ kó kù, iye tí báǹkì sì kọ nìyẹn. Ìwé tèmi sọ pé 74,750 ni. Mo wá 25,000 títí ilẹ̀ fi ṣú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ìlà kankan tó ní 25,000. Nígbà tí mo pín in sí méjì ni mo rí 12,500. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò tẹ àmì iwájú rẹ̀ yọ, ni mo bá kà á mọ́ owó tó wọlé. Bí èèyàn bá fi owó tó yẹ kó yọ kún un, ìlọ́po méjì owó náà ni àṣìṣe rẹ̀ máa jẹ́. Látìgbà yẹn, bí iye méjì kò bá dọ́gba, mo máa ń kọ́kọ́ pín ìyàtọ̀ wọn sí méjì, kí n tó máa wá ohunkóhun kiri.

Ti orí kọ̀ǹpútà tún yàtọ̀. Nínú àwọn fáìlì kan, àmì tó wà níwájú owó kì í ṣe `-` tó wà lórí bọ́tìnnì, `−` tó gùn díẹ̀ jù ú lọ ni. Ojú lásán kò lè tètè mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà lè ka irú iye bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀, `SUM` á sì fò ó kọjá láìwí nǹkan kan. Àṣìṣe ti ibí yìí kì í ṣe ìlọ́po méjì, iye owó náà gan-an ni. Ohun tó máa ń tú u fó ni pé ọ̀rọ̀ máa ń fara ti apá òsì àpótí, nọ́ńbà a sì fara ti ọ̀tún. Òpó méjì kò nílò àmì kankan, nítorí náà wàhálà méjèèjì yìí lọ pátápátá.

Orúkọ òpó ló kọ́kọ́ da àwa tó ń kọ ìwé owó láàmú. Nínú ìwé tiwa, ẹ̀gbẹ́ débíìtì la ń kọ owó tó bá wọlé sí. Báǹkì kọ ọ́ sí kírẹ́díìtì, torí pé gbèsè tí wọ́n jẹ wá ni owó wa tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé tiwọn ni wọ́n tẹ̀ fún wa, kì í ṣe tiwa.

Ibi tó kù sí ni owó tí wọ́n dá padà. Wọ́n yọ 750 lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ wa, wọ́n sì dá ọ̀kan padà. Dípò kí wọ́n kọ ọ́ sí `Credit`, `-750` ni wọ́n kọ sínú `Debit`. Iye tó kù kò yí padà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ka owó tó wọlé kò ní rí i, àmì tí a rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì tún padà wá.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo fi òpó kan tèmi kún fáìlì náà láti yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò. `C` ni `Debit`, `D` ni `Credit`, `E` sì ni iye tó kù:

```
=ROUND(E2+N(D3)-N(C3)-E3,2)
```

`N` wà níbẹ̀ nítorí pé báǹkì mìíràn máa ń fi ìlà kékeré sínú àpótí tí kò ní owó, ìyẹn á sì fa `#VALUE!`. Ìlà tó bá pé á fún mi ní 0, kódà èyí tó ní `-750`. Ọjọ́ tó ti pẹ́ jù gbọ́dọ̀ wà lókè o. Bí báǹkì bá to tuntun sókè, gbogbo ìlà ni yóò dà bí ẹni pé ó kù díẹ̀ káàtó, nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é.

Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n máa kọ owó tí wọ́n bá dá padà sí `Credit`. Bí wọ́n bá ṣe é, mi ò tún ní ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n lórí sitetimẹ́ǹtì yìí mọ́.