Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ tíṣáàtì ìpàdé ìdílé ní Adó-Èkìtì: ẹ ka iye síkírìnì yín kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkìtì ló máa ń pe ara wọn jọ ní àsìkò Àjíǹde àti ní òpin ọdún, mo sì mọ̀ pé bí ó bá ti ku nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò bá wọn tẹ tíṣáàtì. Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè kọ èyí. Ọkùnrin kan tó ń tẹ àwòrán sára aṣọ ní Adó gba owó síkírìnì mẹ́fà, ìyẹn férémù tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán, lọ́wọ́ wa fún iṣẹ́ tí mẹ́rin tó fún, kò sì tẹ àwọ̀ tí gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà, ṣùgbọ́n n óò sọ bí ó ṣe ṣe é, kí ẹ lè dá a mọ̀ bí ẹlòmíràn bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ sí yín.

Ìkẹ́rẹ́ ni ilé wa. Àwòrán tí a fẹnu kò sí ni òkè Olósùnta ní àwọ̀ yẹ́lò, ìlà pupa tín-ín-rín kan lábẹ́ rẹ̀, àti orúkọ ìdílé ní funfun lábẹ́ ìlà náà. Ní ẹ̀yìn aṣọ, orúkọ ojúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a fẹ́, ní funfun nìkan. Aṣọ náà jẹ́ àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, iye rẹ̀ sì jẹ́ 80: 62 fún àgbà, 18 fún àwọn ọmọdé. Èmi ni akọ̀wé ìpàdé, èmi ni mo sì gbé owó lọ.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí síkírìnì jẹ́, nítorí pé àìmọ̀ wa nípa rẹ̀ ni ọkùnrin náà fi rí wa mú. Férémù ni, tí wọ́n na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oníhò wínníwínní lé. Wọ́n á fi oògùn kan pa aṣọ náà, oògùn tó máa ń le bí iná bá tàn sí i. Ibi tí àwòrán dúdú bá ti dí iná kò ní le, omi yóò ṣàn án kúrò, ibẹ̀ sì ni yíǹkì yóò máa gbà bọ́ sára aṣọ nígbà tí wọ́n bá fi rọ́bà fà á. Yíǹkì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà lórí síkírìnì kan, nítorí náà gbogbo àwọ̀ tó bá wà nínú àwòrán yín ló ń béèrè síkírìnì tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ni ẹ ó sanwó fún. Owó yìí kì í yí padà bí aṣọ bá pọ̀ tàbí bí ó bá kéré. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà (₦5,000) ni ó gbà lórí síkírìnì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín in sórí aṣọ 80, kò ju ₦62.50 lọ lórí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ aṣọ 12 péré ni a fẹ́, ó ti lé ní ₦400 lórí ẹyọ kan fún àwọ̀ kan. Ká ní mo mọ èyí tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti yọ ìlà pupa tín-ín-rín yẹn kúrò, nítorí pé síkírìnì odidi kan ni a rà fún un.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ya àwòrán náà ti kọ́kọ́ fi òjìji sára òkè, tí yẹ́lò ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Irú ìyẹn kò ṣeé fà pẹ̀lú yíǹkì kan láìsọ ọ́ di ẹ̀kán kéékèèké tó sún mọ́ ara wọn níhìn-ín tó sì jìnnà sí ara wọn lọ́hùn-ún, kì í sì í ṣe gbogbo atẹ̀ṣọ ló mọ̀ ọ́n ṣe kó mọ́. A sọ ọ́ di yẹ́lò kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyẹn sì dára.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà wo àwòrán, ó ní, "Àǹtí mi, síkírìnì mẹ́fà ni o." Ó kà wọ́n fún mi: funfun tí yóò wà lábẹ́, funfun orúkọ ìdílé, yẹ́lò, pupa, funfun ti ẹ̀yìn, àti funfun tí yóò wà lábẹ́ funfun ti ẹ̀yìn. Mo san ₦30,000 fún síkírìnì nìkan, yàtọ̀ sí owó aṣọ àti owó ìtẹ̀. Ibi tí ìrẹ́jẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òtítọ́ ni pé aṣọ tó ṣókùnkùn nílò funfun lábẹ́ àwọ̀ mìíràn. Yẹ́lò tí wọ́n bá fà sórí àwọ̀ ewé láìsí funfun lábẹ́ rẹ̀ kò ní mọ́lẹ̀, àwọ̀ ewé yóò máa yọ jáde láti abẹ́ rẹ̀; pupa náà yóò sì jọ àwọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n funfun tó wà lábẹ́ òkè àti funfun tí a fi kọ orúkọ ìdílé lè wà lórí síkírìnì kan náà. Wọ́n á fa á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi iná gbẹ ojú rẹ̀, wọ́n á wá fa yẹ́lò àti pupa lé ibi tó yẹ, orúkọ yóò sì wà ní funfun bí ó ṣe wà. Ti ẹ̀yìn kò nílò ohunkóhun lábẹ́, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni funfun. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, síkírìnì kan náà ni wọ́n á tún fà lé e lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀: mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. ₦20,000 ni ó yẹ kí a san.

Bí ó bá tilẹ̀ ṣe pé ó gba ₦10,000 lé e tí iṣẹ́ sì dára, bóyá n kì bá tí kọ èyí. Àpẹẹrẹ tó fi hàn mí ni ó jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀: yẹ́lò náà ń tàn, pupa náà sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. N kò kíyè sí i pé aṣọ funfun ni ó tẹ̀ ẹ́ sí. Lórí aṣọ funfun, aṣọ fúnra rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ tí funfun ìsàlẹ̀ ń ṣe, nítorí náà àpẹẹrẹ yẹn kò sọ ohunkóhun fún mi nípa aṣọ tiwa. Ó ku ọjọ́ méjì kí a pàdé nígbà tí ó kó aṣọ wá, nínú ọ̀rá, ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a tú u sílẹ̀ ní ojú mọmọ, Olósùnta ti di àwọ̀ ewé rírà, ìlà pupa kò sì hàn bí kò ṣe pé ènìyàn tẹjú mọ́ ọn.

Mo mú aṣọ kan lọ bá ìyá kan ní àdúgbò wa tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na òkè náà díẹ̀, ó sì fi hàn mí pé ojú òwú aṣọ ni a ń rí láàárín yíǹkì, láìsí funfun kankan. Ó wá mú aṣọ dúdú kan tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀. Ní etí àwòrán tirẹ̀, ní ibi kan tí àwọ̀ òkè kò ti bá tìsàlẹ̀ ṣe rẹ́gí, ìlà funfun tó tín-ín-rín bí irun yọ díẹ̀. Bí mo sì ṣe fi ọwọ́ pa á, mo mọ̀ pé ìpele méjì ni. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ nìyẹn: ẹ na án, ẹ wo etí rẹ̀, ẹ fọwọ́ pa á. Ní ọ̀rọ̀ kan, ọkùnrin náà ṣe síkírìnì mẹ́rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé nìkan ni ó ya sórí funfun ti iwájú. Ó gba owó funfun ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tó gbé àwòrán sí ló tún bà wá nínú jẹ́. Fún aṣọ àgbà, orí àwòrán iwájú yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 3 sí ìsàlẹ̀ ojú rírán ọrùn. Mo wọn tiwa: íǹṣì 7. Àwòrán náà bọ́ sórí ikùn, nígbà tí a sì ya fọ́tò, àwọn àgbà wa tó jókòó níwájú ká orúkọ ìdílé mọ́ itan wọn. Kò sí èyí tó ṣeé kà nínú wọn. Ti àwọn ọmọdé burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síkírìnì kì í fẹ̀, kì í sì í sún kì. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 11 ni ìbú àwòrán, íǹṣì 11 náà ni yóò wà lára aṣọ ọmọ ọdún mẹ́rin, tí aṣọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán lọ kan ojú rírán ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yíǹkì sì fọ́n ká níbi tí aṣọ ti ga sókè. Atẹ̀ṣọ tó bá mọṣẹ́ yóò sọ èyí fún yín kí ó tó gba kọ́bọ̀. Ohun tó yẹ kí a ṣe ni kí a fi síkírìnì kan kún un, funfun nìkan, oníbùú íǹṣì 6, fún aṣọ 18 yẹn, kí ó gbé orúkọ ìdílé àti ìlà etí òkè náà láìkùn inú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́, ẹ tẹ àwòrán yín sórí ìwé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ẹ gé e, ẹ fi pín-ìnnì mú un mọ́ aṣọ kan, kí àgbàlagbà kan wọ̀ ọ́ kí ó sì jókòó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé kan. Ibi tó bá tẹ́ yín lọ́rùn ni kí ẹ wọ̀n láti ọrùn aṣọ, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Bí ẹ bá ń fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ fi PDF tí wọ́n ti yí lẹ́tà rẹ̀ padà sí ìlà ránṣẹ́ (nínú CorelDRAW, Ctrl+Q ni), kí kọ̀ǹpútà atẹ̀ṣọ má baà fi irú lẹ́tà mìíràn rọ́pò tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ yìí wà lórí rìsíìtì kí ẹ tó san àsansílẹ̀: "Iwájú, síkírìnì 3: funfun (ìsàlẹ̀ òkè, ìsàlẹ̀ ìlà àti orúkọ), yẹ́lò, pupa. Ìbú íǹṣì 11, íǹṣì 3 sí ọrùn. Ẹ̀yìn, síkírìnì 1: funfun. Ọmọdé, síkírìnì 1: funfun, ìbú íǹṣì 6. Aṣọ kan ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀ lára aṣọ tí oníbàárà mú wá, kí a tó tẹ ìyókù." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kí ẹ má ṣe gbà kí ó yọ kúrò. Bí atẹ̀ṣọ bá sọ pé àpẹẹrẹ lórí aṣọ funfun náà ti tó, ẹ gba aṣọ yín kí ẹ máa lọ.

Nígbà tí a pe ọkùnrin tó tẹ aṣọ wa, ó kọ́kọ́ ní bí yíǹkì ṣe máa ń rí lórí àwọ̀ ewé nìyẹn. Nígbà tí mo ka síkírìnì mẹ́fà fún un bí ó ṣe kà á fún mi, ó ní òun ti fọ àwòrán kúrò lára férémù náà, pé bí a bá fẹ́ kí òun tún un ṣe, a ó san owó síkírìnì tuntun. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà àti bàbá kan ní àdúgbò rẹ̀ ti pàdé pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti dá ₦10,000 padà, ó ku owó ìtẹ̀. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, aṣọ mẹ́ta tí a kò tíì wọ̀ náà sì wà nílé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú rí bí yẹ́lò tí kò ní funfun lábẹ́ ṣe ń rí, kí ó tó lọ fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́, kí ó kọ ìwé sí mi, n óò mú ọ̀kan wá bá a ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Adó.